F4 Tí Kò Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀ Mọ́

Ẹ wo ìlà bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá lára kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù yín, èyí tó ga ju ìlà nọ́ńbà lọ. Nǹkan méjì ni wọ́n kọ sára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ọ̀kan ni lẹ́tà F pẹ̀lú nọ́ńbà, láti F1 títí dé F12. Èkejì ni àwòrán kékeré: oòrùn fún ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, sípíkà fún ìró, ọkọ̀ òfúrufú fún pípa wáìfáì. Bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ méjì. Èwo nínú méjèèjì ni yóò ṣe bí ẹ bá kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́, tí ẹ kò di nǹkan mìíràn mú mọ́ ọn?

Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ F ni. Lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà báyìí, iṣẹ́ àwòrán ni. Ẹ tẹ F7, ìró lọ sílẹ̀. Ẹ tẹ F2, ojú kọ̀ǹpútà ń ṣú lọ. Kí F tó dáhùn, àfi kí ẹ kọ́kọ́ di bọ́tìnnì Fn mú, èyí tó máa ń wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ẹni tó jẹ́ pé fíìmù àti orin ló ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe lè lò ó títí kó má mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí F4 ń ṣe nínú Excel àti ohun tí F12 ń ṣe nínú Word, òun ni yóò máa rò pé láptọ́ọ̀pù òun ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, ó sì ṣeé yí padà. Ibi tí wọ́n ti ń yí i padà ni kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń wá a lọ.

Kó tó di pé a débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí bọ́tìnnì yìí lè dá sílẹ̀. Ká ní akọ̀wé owó ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan fẹ́ ṣírò èlé orí owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá. Láptọ́ọ̀pù HP ló ń lò. Ó ṣí Excel, ó kọ èlé, ìyẹn náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, sínú àpótí E1. Ó to orúkọ àwọn tó yáwó sí òpó A, ó to iye tí wọ́n yá sí òpó B, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹrin. Ẹni àkọ́kọ́ yá ₦200,000, ẹnì kejì yá ₦150,000, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Ní C4, ó ní kí Excel sọ B4 di púpọ̀ pẹ̀lú E1. Kó tó tẹ Enter, ó yẹ kó tẹ F4 lẹ́ẹ̀kan, kí Excel fi àmì dọ́là méjì de E1 mọ́lẹ̀. Bí ó bá wá fa ìṣirò náà lọ sí ìsàlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, B á máa yí padà láti ìlà dé ìlà, ṣùgbọ́n E1 á dúró lójú kan. Ohun tó yẹ kó wà nínú C4 nìyí:

```
=B4*$E$1
```

Akọ̀wé tẹ F4. Kò sí àmì dọ́là. Pátákó kan ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ PC screen only, Duplicate, Extend àti Second screen only sí i. Kọ̀ǹpútà ń bi í bóyá ó fẹ́ gbé ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ sórí pírójẹ́kítọ̀, torí pé iṣẹ́ tí àwòrán ara F4 ń ṣe lára ọ̀pọ̀ HP nìyẹn. Akọ̀wé lé pátákó náà lọ, ó rò pé F4 ti ṣe tirẹ̀, ó tẹ Enter, ó sì fa ìṣirò náà wálẹ̀. Ohun tó bọ́ sínú C5 ni:

```
=B5*E2
```

Kò sí nǹkan kan nínú E2, Excel sì máa ń ka àpótí òfìfo sí òdo. Èlé ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ₦10,000, ó péye. Ẹnì kejì, tó yẹ kó san ₦7,500, òdo ló wà níwájú orúkọ rẹ̀. Òdo náà ni gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òdo yìí ṣì dáa, torí pé ojú yóò rí i. Bí ó bá ṣe pé akọ̀wé ti kọ nǹkan mìíràn sínú E2, bí iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òdo kò ní yọ. Iye tí kò lórí tí kò nídìí ni yóò yọ, bí kò bá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè dé orí tábìlì ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìjà ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kò sì ní kékeré, ẹ̀yin náà mọ̀.

Kì í ṣe F4 nìkan o. F2 ni wọ́n fi ń wọ inú àpótí Excel láti tún ohun tó wà níbẹ̀ ṣe, òun náà ni wọ́n fi ń pa orúkọ fáìlì dà. Lára HP tí à ń sọ yìí, ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa dín kù, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ léraléra yóò sì máa wá ẹni tó pa iná ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. F7 nínú Word ń yẹ sípẹ́lì wò. Níbí, ìró ni yóò lọ sílẹ̀, bí orin kò bá sì dún lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èyí tó máa ń bí èèyàn nínú jù ni F12. Nínú Word, F12 ló ń ṣí ibi tí ẹ ti máa fi orúkọ tuntun tọ́jú fáìlì. Lára ọ̀pọ̀ HP, ọkọ̀ òfúrufú ló wà lára rẹ̀, ẹ sì ti gé wáìfáì nìyẹn. Ẹni tó ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tó tún fẹ́ tọ́jú lẹ́tà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò bá ara rẹ̀ níbi tí fọ́ọ̀mù náà ti ń sọ fún un pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ pé ohun tó ń ṣe tiyín nìyí, pé kì í ṣe pé kíbọ́ọ̀dù ti kú? Ẹ ṣí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ tẹ F5. Ó yẹ kí ojú ìwé náà tún ara rẹ̀ gbé jáde. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀, bóyá iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù tàn tàbí ó kú, ẹ di Fn mú kí ẹ tún tẹ F5. Bí ojú ìwé bá wá tún ara rẹ̀ gbé jáde báyìí, bọ́tìnnì yín yè kooro, ipò iṣẹ́ méjèèjì nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Bí kò bá dáhùn sí èyí tó ní Fn àti èyí tí kò ní, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.

Àwọn bọ́tìnnì F yìí ti pẹ́. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní IBM PC jáde lọ́dún 1981, mẹ́wàá péré ni wọ́n, apá òsì kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì tò wọ́n sí ní òpó méjì. Ìgbà tó yá ni kíbọ́ọ̀dù mìíràn tí IBM ṣe kó wọn lọ sókè, tí wọ́n sì di méjìlá. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kì í sábà ní máòsì, nítorí náà bọ́tìnnì F ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rọ̀ mọ́. Àwọn tó lo WordPerfect nígbà náà yóò rántí bébà gígùn tí wọ́n máa ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bọ́tìnnì náà, tó ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe: F7 láti jáde, Shift pẹ̀lú F7 láti tẹ ìwé jáde. Apple gba ọ̀nà mìíràn. Kíbọ́ọ̀dù Macintosh àkọ́kọ́, ti ọdún 1984, kò ní bọ́tìnnì F kankan, kò tiẹ̀ ní bọ́tìnnì ọfà tí wọ́n fi ń lọ sókè sódò, torí máòsì ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa lò.

Láptọ́ọ̀pù ló wá dá ìṣòro àyè sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lára ojú rẹ̀, sípíkà rẹ̀ sì ní ibi tí wọ́n ti ń yí ìró. Láptọ́ọ̀pù kò ní àyè fún ìwọ̀nyí. Àwọn tó ń ṣe é bá di iṣẹ́ kejì ru ìlà F, wọ́n sì fi Fn ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ríi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń yí ìró lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè má tẹ F7 láti January dé December. Ni wọ́n bá yí i po: àwòrán bọ́ síwájú, F bọ́ sẹ́yìn. Èmi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, torí àwọn tó ń wo fíìmù pọ̀ ju àwọn tó ń ṣírò èlé lọ. Ohun tí mo bá wọn wí ni pé kò sí ibì kankan tí kọ̀ǹpútà tuntun ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ra á pé èwo ló fẹ́. Ó béèrè orílẹ̀-èdè yín, ó béèrè èdè yín, ó ní kí ẹ fi ìka tàbí ojú yín sílẹ̀ fún ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè èyí.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á wọ inú Windows, wọ́n á máa tú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣètò kíbọ́ọ̀dù, wọn ò sì ní rí nǹkan kan. Wọn ò lè rí i, torí kò sí níbẹ̀. Nínú láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan, òun ló kọ́kọ́ mọ̀, òun náà ló sì ń pinnu iṣẹ́ tí yóò jẹ́ fún Windows. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì keje, ó lè sọ fún Windows pé “wọ́n tẹ F7”, ó sì lè sọ pé “ẹ dín ìró kù”. Ohun tó bá sọ ni Windows máa gbọ́. Windows kò mọ̀ pé bọ́tìnnì kan náà ló ń sọ méjèèjì. Lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, bọ́tìnnì Fn fúnra rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ Windows rárá, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kékeré yẹn ló ń parí sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ètò tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ bọ́tìnnì, irú bíi PowerToys, kò fi lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí tán. Wọ́n lè mú iṣẹ́ ìró, wọ́n lè sọ ọ́ di F7, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá, wọn ò sì lè rí Fn mú.

Nítorí náà, ẹ̀rọ kékeré yẹn lẹ máa bá sọ̀rọ̀, ọ̀nà méjì ló sì wà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ wo bọ́tìnnì Esc tó wà ní igun òkè lápá òsì. Bí ẹ bá rí àwòrán àgádágodo kékeré lára rẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ FnLk tàbí FnLock sí i, ẹ di Fn mú kí ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan. Ìlà òkè ti yí padà nìyẹn. Bí ẹ bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó padà síbi tó wà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Dell, Lenovo àti Asus ló ní èyí, àwọn kan sì ní iná kékeré tó ń tàn láti fi hàn pé ó wà ní títì. Lára àwọn HP ọ́fíìsì kan, irú EliteBook, bọ́tìnnì Shift apá òsì ni wọ́n ń lò dípò Esc. Níbẹ̀, Fn pẹ̀lú Shift yẹn lẹ máa tẹ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú F5 lórí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, bí mo ṣe sọ lókè. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, kí kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láná wá yí padà láàárọ̀ òní. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín lójijì, ẹ má tíì gbé e lọ síbì kankan, ẹ kọ́kọ́ wo Esc.

Akọ̀wé wa kò ní irú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù HP tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní àgádágodo lára Esc, Fn pẹ̀lú Shift kò sì yí nǹkan kan padà lára rẹ̀. Ọ̀nà kejì ló kù, ìyẹn ni wíwọ inú BIOS, ibi ìṣètò tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọjá kó tó jí Windows.

Kó tọ́jú gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kó sì ní kí kọ̀ǹpútà tún ara rẹ̀ tàn pẹ̀lú Restart. Mo fẹ́ràn Restart ju Shut down lọ, nítorí pé Windows òde òní kì í pa ara rẹ̀ tán bí ẹ bá tẹ Shut down. Ó máa ń tọ́jú apá kan sílẹ̀ kó lè tètè jí, ìtànná ẹ̀yìn rẹ̀ a sì yára débi pé ẹ lè má rí àyè tẹ nǹkan kan. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti ṣú, kó tó di pé àmì HP yọ, kó máa tẹ Esc léraléra, tẹ́-tẹ́-tẹ́, kó má kàn dì í mú. Ojú ìwé kan tí wọ́n kọ Startup Menu sí yóò yọ, wọ́n á to orúkọ bọ́tìnnì sí i, lára wọn ni F10 fún BIOS Setup. Kó tẹ F10. Bí F10 kò bá dáhùn níbẹ̀, kó fi Fn kún un.

Inú BIOS kò lẹ́wà. Lára àwọn HP kan, máòsì kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bọ́tìnnì ọfà ni wọ́n fi ń rìn. Kó fi ọfà apá ọ̀tún lọ sí System Configuration, kó fi ọfà ìsàlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan Action Keys Mode. Enabled ni yóò bá níwájú rẹ̀. Kó tẹ Enter, kó yan Disabled, kó tún tẹ Enter. Lẹ́yìn náà, kó tẹ F10 láti tọ́jú rẹ̀, kó sì gbà pé Yes. Kọ̀ǹpútà yóò tún ara rẹ̀ tàn. Nígbà tó bá padà sínú Excel tó tẹ F4 sórí E1, àmì dọ́là méjèèjì yóò wọlé. Bí ó bá wá fẹ́ yí ìró, Fn pẹ̀lú bọ́tìnnì ìró ni yóò máa tẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kó fọwọ́ kàn níbẹ̀. Àwọn nǹkan mìíràn wà nínú BIOS tí kì í ṣe eré. Ẹni tó bá ṣèèṣì yí Secure Boot padà lè tan kọ̀ǹpútà kó sì bá a níbi tó ti ń béèrè nọ́ńbà gígùn BitLocker, tí kò sì mọ ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ pé ohun tí ẹ fọwọ́ kàn ni ẹ fẹ́ yí, ẹ jáde láìtọ́jú ohunkóhun, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan kì í lè mú Esc bá àsìkò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí, Windows náà ni yóò jí. Wọ́n lè gba inú Windows wọlé: Settings, System, Recovery, kí wọ́n wá tẹ Restart now níwájú Advanced startup. Nínú ojú ìwé búlúù tó bá yọ, kí wọ́n yan Troubleshoot, kí wọ́n yan Advanced options, kí wọ́n yan UEFI Firmware Settings. Kọ̀ǹpútà yóò gbé wọn lọ sí BIOS fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bá àsìkò sáré.

Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pe ètò yìí yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń wọ BIOS. Lára Dell, F2 ni wọ́n ń tẹ̀ bí ó bá ń tàn; nínú Inspiron, ẹ wá Function Key Behavior kí ẹ sì yan Function Key dípò Multimedia Key. Lára Lenovo IdeaPad, F2 náà ni, Configuration ni ẹ máa wọ̀, Hotkey Mode ni ẹ máa sọ di Disabled. Acer ń lo F2, Function key behavior sì wà nínú Main. Ọjọ́ orí láptọ́ọ̀pù lè yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí Function, Hotkey tàbí Action nínú orúkọ náà, ẹ ti débẹ̀.

Mac nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, torí pé macOS fúnra rẹ̀ ló ń pinnu. Ẹ wọ System Settings, ẹ yan Keyboard, ẹ tẹ Keyboard Shortcuts, ẹ yan Function Keys, kí ẹ sì tan èyí tí wọ́n kọ Use F1, F2, etc. keys as standard function keys sí. Lójú ẹsẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́, kò sí pé ẹ ń pa á ẹ ń tàn án. Chromebook náà ní tirẹ̀ nínú Settings, lábẹ́ Device àti Keyboard, ibi tí wọ́n kọ Treat top-row keys as function keys sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ Chromebook kò kọ F sára bọ́tìnnì kankan. Kíkà ni ẹ máa kà á láti apá òsì.

Ohun mẹ́ta ló lè mú kí gbogbo iṣẹ́ yìí dà bíi pé ẹ ò ṣe é. Àkọ́kọ́, kíbọ́ọ̀dù tí ẹ rà lọ́tọ̀ tí ẹ fi wáyà kì mọ́ láptọ́ọ̀pù kò gbọ́ràn sí BIOS yẹn lẹ́nu. Ó ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ nínú. Bí àwòrán bá wà lára F rẹ̀, ẹ wá Fn àti Esc tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èkejì, ètò náà lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá dá BIOS padà sí ètò ilé iṣẹ́, tàbí tí bátìrì kékeré tó ń ṣọ́ aago kọ̀ǹpútà bá kú. Ẹ máa mọ̀ bó bá jẹ́ ti bátìrì, nítorí pé déètì àti aago náà yóò máa sọnù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ iná. Pípààrọ̀ bátìrì yẹn ni iṣẹ́ tó kù. Bí ẹ ń yí Action Keys Mode lójoojúmọ́, ẹ̀ ń pọnmi sínú agbọ̀n ni.

Ẹ̀kẹta ni pásíwọ́ọ̀dù. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lókè òkun kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ máa ń fi pásíwọ́ọ̀dù ti BIOS pa kí òṣìṣẹ́ má baà fọwọ́ kàn án. Wọ́n lè pa gbogbo fáìlì inú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n tún Windows fi sí i, pásíwọ́ọ̀dù yẹn kò ní kúrò, torí kì í ṣe inú Windows ló wà. Ẹ máa tẹ F10, yóò sì ní kí ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ò mọ̀. Àwọn kan gbà yín láàyè láti wo inú láìlè yí ohunkóhun padà. Àwọn kan kò gbà yín wọlé rárá. Lára láptọ́ọ̀pù òde òní, yíyọ bátìrì kékeré kì í sábà pa á rẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ka àwọn èèyàn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn fún. Àwọn afọ́jú tó ń lo NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún wọn, fi bọ́tìnnì F ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Insert pẹ̀lú F7 ló ń to gbogbo líńkì àti àkọlé ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kan jọ fún wọn kí wọ́n lè yan èyí tí wọ́n fẹ́. Bí F7 bá ti di bọ́tìnnì ìró, ohun tí wọ́n tẹ̀ láti gbọ́ ojú ìwé ló ń dín ohùn tó ń kà á fún wọn kù. Ìyà ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. NVDA kì í sì í ká ohun tó wà nínú BIOS, torí Windows kò tíì jí nígbà náà, nítorí náà ẹni tó ń ríran ló gbọ́dọ̀ bá wọn yí i. Bí ẹ bá mọ afọ́jú kan tó ń lo láptọ́ọ̀pù, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló wá yẹ kó yí i? Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣe Excel, ẹni tó ń tẹ ìwé fún owó, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí wọ́n yí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù délé, torí ìka tó ti mọ F4 kò ní yé lọ síbẹ̀. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà fún ìwàásù, fíìmù àti ìpàdé orí Zoom, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Láptọ́ọ̀pù tí èèyàn púpọ̀ ń lò, bíi ti kàfé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra: bí ẹ bá yí ọ̀kan, ẹ yí gbogbo wọn, kí ẹni tó kúrò nídìí èyí má dé ìdí ìkejì kó máa gé wáìfáì mọ́ oníbàárà lọ́wọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan kọ̀ǹpútà náà lójú yín, kó tẹ F10 tàbí F2, kó sì wọ inú BIOS. Bí ó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ gbé owó yín padà sápò.